Èwo la ó kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ̀, dókítà?

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú ni màmá ti mú bébà náà jáde, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ máa ya. Ṣáàtì eyín ni. Ilé ìwòsàn kan ló yẹ ẹnu wọn wò lóṣù méje ṣáájú ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n sì ṣe o, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí eyín kan tí wọn ò fọwọ́ kàn, wọ́n ya ẹ́ksíréè, wọ́n wọn ẹran ìdí eyín, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fínnífínní. Síbẹ̀ abẹ́ ibùsùn ni bébà yẹn wà látìgbà náà torí màmá ò mọ ibi tí àwọn máa ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti bi mí: "Dókítà ọmọ mi, èwo la ó kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ̀?"

Ṣágámù níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ eyín, kílíníìkì kékeré ni, kò jìnnà sí Ṣábó níbi tí màmá ti ń ta obì. Ẹni ọdún 54 ni wọ́n. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ ètò ìtọ́jú fún èèyàn padà, ohun tí mo sì fẹ́ sọ níbí ni bí mo ṣe sọ ṣáàtì kan ṣoṣo yẹn di ohun tí màmá lè tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ ṣáàtì, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin. Òkè lápá ọ̀tún aláìsàn ni 1, òkè lápá òsì ni 2, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni 3, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni 4. Lẹ́yìn náà a ó wá ka eyín láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8. Torí náà tí ẹ bá rí 36, kì í ṣe pé eyín pé mẹ́rìndínlógójì, eyín 32 ni àgbàlagbà ń ní tó bá pé; 3 yẹn ni ìsàlẹ̀ lápá òsì, 6 yẹn ni eyín kẹfà téèyàn bá kà á láti iwájú, ọ̀kan nínú àwọn ńlá tá a fi ń lọ oúnjẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kíá ló máa kà á. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà lásán ni.

Ohun kejì ni pé bí dókítà ṣe dojú kọ aláìsàn ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán eyín sórí bébà, ìyẹn ni pé apá òsì aláìsàn máa bọ́ sí apá ọ̀tún bébà. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún màmá. Wọ́n ní káwọn ọmọ ilé fi fóònù ya bébà náà ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ọkùnrin l'Ékòó, ọmọ wò ó, ó ní "Màmá, apá ọ̀tún ni wọ́n kùn ní pupa o," màmá ní rárá, apá òsì ló ń dùn mí. Ni àwọn méjèèjì bá gbà pé àwọn tó kọ ọ́ ti ṣe àṣìṣe. Bí ìgbàgbọ́ nínú bébà yẹn ṣe tán nìyẹn, ohun tó sì wà lórí ẹ̀ tọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, mi ò kọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" lásán mọ́, "apá ọwọ́ òsì yín" ni mo máa ń kọ, màá tún fi ìka màmá tàbí bàbá fúnra wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dìde.

Ó lé ní ogún ìlà tó wà lórí ṣáàtì màmá. Ní 36, ihò jíjìn, lẹ́tà TTP pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ níwájú ẹ̀ (ìyẹn ni pé tí wọ́n bá kan eyín náà díẹ̀, ó ń dun aláìsàn), ìdánwò òtútù ò dáhùn, ojú dúdú wà ní ìdí gbòǹgbò nínú ẹ́ksíréè. Ní 26, ihò kékeré, òtútù dáhùn. Ní 48, gbòǹgbò nìkan ló kù. 46 àti 21 ò sí mọ́. 11 ń mì, ipò kejì. Wọ́n kọ àwọ̀ obì tó wà lára eyín iwájú, wọ́n kọ eyín méjì tí orí wọn ti jẹ díẹ̀, wọ́n wá ya àpótí kékeré kan sísàlẹ̀ bébà:

```
3 | 4 | 3
3 | 2 | 3
```

Àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹran ìdí eyín. Ìlà òkè ni eyín òkè, ìlà ìsàlẹ̀ ni eyín ìsàlẹ̀, wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan la máa ń tì bọ àárín eyín àti ẹran, ó ní àmì dúdú kan lára tó bẹ̀rẹ̀ láti mílímítà 3.5 tó sì parí sí 5.5. Tí gbogbo dúdú yẹn bá hàn síta àmọ́ tí ìdọ̀tí líle wà lára eyín, 2 la máa kọ. Tí apá kan ẹ̀ bá wọlé, 3. Tó bá wọlé pátápátá tí a ò rí i mọ́, 4 ni, ìyẹn ni pé àpò tó wà láàárín eyín àti ẹran ti jìn tó mílímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò ẹran tó dáa kì í sábà kọjá 3. 4 tó wà láàárín òkè yẹn, ibẹ̀ gan-an ni eyín iwájú tó ń mì wà.

Ká má parọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn ni ohun tí mo ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo mú bébà tuntun, mo túmọ̀ ṣáàtì sí Yorùbá láti orí eyín àkọ́kọ́ dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, eyín báyìí ní ihò, eyín báyìí ò sí, eyín báyìí ń mì, mo kọ iye owó sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ro gbogbo owó pọ̀ sísàlẹ̀. Màmá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n wo owó ìsàlẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "Ó yé mi. Èwo la ó wá kọ́kọ́ ṣe?"

Ìgbà yẹn ló tó yé èmi náà. Bí eyín ṣe tò sínú ẹnu ni ṣáàtì ṣe tò ó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹnu láti eyín àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ìtọ́jú ń tẹ̀ lé ohun tó ń jó lọ́wọ́, ohun tó máa jó tẹ̀ lé e, àti ohun tí a ò lè pinnu àfi tí a bá rí ibi tí nǹkan míì já sí. Kíkọ ọ́ ní Yorùbá lásán ò mú ìyẹn jáde. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún yé màmá, ọ̀nà ni wọn ò rí.

Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Mo tún ẹnu wọn wò ná, torí ṣáàtì oṣù méje ti di ìtàn, a kì í fi ìtàn ṣe ètò láì yẹ ẹnu wò. Mo tún fi òtútù dán 26 wò, ó ta màmá, ó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iṣan inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, ihò náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ká ní ó ti ń pẹ́ kó tó lọ ni, tàbí kó máa ji wọ́n lóru, kò ní wà níbi tí mo fi í sí nínú ètò. Mo wá wọn gbogbo àpò ẹran tó wà yí àwọn eyín iwájú òkè ká lọ́kọ̀ọ̀kan, torí 4 inú àpótí ò sọ eyín wo pàtó. Eyín 11 ló burú jù, mílímítà 7 níbì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó àwọn àmì jọ. Ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ sí 36, pé kíkàn ń dùn ún, pé òtútù ò dáhùn, pé ojú dúdú wà nídìí gbòǹgbò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ: eyín yìí ti kú nínú, ìdọ̀tí ibẹ̀ sì ti dé eegun. Aláìsàn ò nílò àmì mẹ́ta, orúkọ ohun tó ń ṣe é ló nílò. Nọ́ńbà mẹ́fà inú àpótí, eyín tó ń mì, ọ̀rọ̀ kan náà ni: àrùn ti wọ ẹran ìdí eyín, ó ń jẹ eegun tó di eyín mú. Bí mo ṣe ń kó wọn jọ báyìí ni ogún ìlà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di wàhálà mẹ́rin péré: eyín kan tó kú, ẹran ìdí eyín tó ń ṣàìsàn, ihò kékeré kan pẹ̀lú gbòǹgbò kan tó kù nílẹ̀, àti àlàfo iwájú. Àwọ̀ obì ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe àrùn, ara síkélìn, ìyẹn fífọ ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín, ló máa bá lọ, mi ò fẹ́ kí màmá máa ro ohun tí kò ní pa wọ́n lára.

Eyín tó kú yẹn ló gbà mí lákòókò jù láti ṣàlàyé, torí ohun tí màmá mọ̀ nípa ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Wọ́n ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, tí àwọn bá fi omi tútù rẹ gàrí, àwọn ò ní lè mu ún, ó máa ta àwọn dé etí. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan, kò ta wọ́n mọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan gógó, omi inú fíríìjì, wọ́n mu ún, kò sí nǹkan kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní ó ti san. Mo ní "Màmá, ọjọ́ tó dákẹ́ yẹn ló kú." Iṣan inú eyín ló ń gbọ́ òtútù, tó bá ti kú, ta ló máa gbọ́? Lẹ́yìn ìyẹn, ìrora tó bá dé kì í ṣe ti omi tútù mọ́, ti jíjẹ nǹkan ni, torí ohun tó ń dùn ti kúrò nínú eyín, ó ti wà nínú eegun nídìí gbòǹgbò. Màmá dákẹ́. Wọ́n ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹran ni àwọn ò lè jẹ níbẹ̀ báyìí.

Wọ́n ti ra kápúsù ámpíkílọ́ọ̀sì ní kẹ́mísìtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú oṣù méje yẹn. Ó ń rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń padà. Èyí náà gbọ́dọ̀ wọ inú ètò, kì í ṣe kí n kàn bá wọn wí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri, inú eyín tó ti kú ò sì ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. Oògùn á pa èyí tó wà nínú eegun níta díẹ̀, àwọn tó wà nínú ihò gbòǹgbò á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ojú màmá ò wú, ibà ò ṣe wọ́n, torí náà mi ò kọ oògùn kankan. Ṣíṣí eyín náà ká fọ inú ẹ̀, tàbí yíyọ ọ́, ìyẹn ni oògùn ẹ̀.

Bí ìpele kìíní ṣe rí lórí bébà nìyí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Ìpele 1, ọ̀sẹ̀ yìí àti ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Eyín ńlá ìsàlẹ̀ lápá ọwọ́ òsì yín ti kú nínú, òun ló ń dùn yín tí ẹ bá ń jẹ ẹran. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ní ká yọ ọ́: ọjọ́ kan, owó ẹ̀ kéré, àmọ́ ìkejì ẹ̀ lápá ọ̀tún ti yọ tẹ́lẹ̀, èyí tó lágbára jù láti fi lọ oúnjẹ nísàlẹ̀ ò ní sí lápá méjèèjì mọ́. Tàbí ká fọ inú gbòǹgbò ẹ̀ ká dí i, rúùtù kánáàlì: ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa wá, owó ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì máa nílò kíráùn tó bá yá, ìyẹn fìlà tí a ó dé e lórí kó má là. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rúùtù kánáàlì, ẹ má dúró láàárín. Ohun tí a fi bo ihò fúngbà díẹ̀ ń jò tó bá pẹ́."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Owó èèyàn lè tán nígbàkigbà, ọjà lè má lọ, ẹbí lè pè. Ó yẹ kí aláìsàn mọ ibi tó ti lè dúró tí nǹkan ò ní bàjẹ́ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dúró sí rárá. Mo wá ń kọ ọ́ sí ìparí gbogbo ìpele báyìí. Owó pẹ̀lú, ti ìpele tó wà níwájú nìkan ni mo kọ fún màmá ní gbangba, mo kọ ti ìyókù sójú ewé kejì kí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mi ò fi pamọ́ o, mi ò kàn jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ojú wọn máa bá pàdé mọ́.

Màmá yan rúùtù kánáàlì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun títí àwọn ó fi dàgbà.

Ìpele kejì ni síkélìn tó wọ abẹ́ ẹran, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀ ká yọ gbòǹgbò ẹ̀yìn yẹn, ká dí ihò kékeré òkè. Kí n tó kọ èyí, mo ní kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà wò láìjẹun. Nǹkan tó jẹ́ kí n fura ni bí ẹran ìdí eyín ṣe wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pá bá kàn fara kàn án, pẹ̀lú bí màmá ṣe ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn púpọ̀. 168 ni wọ́n mú bọ̀. Tó bá ti tó 126 láìjẹun tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ míì tó ṣì tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún un ṣe, àtọ̀gbẹ ni. Mo kọ ọ́ sínú ètò eyín, "ẹ máa lo oògùn ṣúgà tí dókítà yín kọ", mo kọ ìdí ẹ̀ sí i: tí ṣúgà bá ga, ẹran ìdí eyín kì í jinná dáadáa bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, tí ẹran náà bá sì ń ṣàìsàn, ṣúgà á máa ṣòro láti mú wálẹ̀. Tí mo bá fi ìlà yẹn sílẹ̀, gbogbo ìpele tó kù lè wó lé e lórí, a ó sì máa ní síkélìn ni ò ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ohun tó gbé màmá wá gan-an kì í ṣe eyín tó kú. Ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin ló ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésì, oṣù keje la sì wà. Àlàfo iwájú yẹn, 21, ni wọ́n fẹ́ dí, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín níwájú àwọn àna wọn. Lórí ṣáàtì, "21 ò sí" jẹ́ ìlà kan bíi ti àwọn yòókù, kò sí ohun tó fi hàn pé òun ni màmá ń rò lọ́sàn-án lóru. Tí mo bá fi í sí ìparí ètò láì sọ nǹkan kan, wọ́n máa rò pé mi ò gbọ́ wọn.

Kí ló dé tí mi ò ṣe é ní kíá? Torí eyín 11 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ń mì ju mílímítà 1 lọ síwájú sẹ́yìn, ohun tí ipò kejì túmọ̀ sí nìyẹn, àmọ́ kò tíì máa mì wọlé sókè, tó bá ti ń lọ sókè-sódò, kò sábà sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Irú èyí, tí a bá fọ ẹran ẹ̀ dáadáa, ó lè tún dì mú. Ó sì lè má dì mú. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n lóṣù keje. Tí mo bá ṣe eyín àtọwọ́dá báyìí, ì báà jẹ́ búríìjì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tàbí dẹ́ńṣọ̀ eléyín kan tó ṣeé yọ, kí eyín 11 wá bọ́ ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, owó àkọ́kọ́ lọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni yóò bọ́. Àfi ká tọ́jú ẹran ká tó mọ̀. Tí síkélìn bá parí lóṣù kẹjọ, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ la máa tún un wọ̀n, ìparí oṣù kọkànlá nìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta la máa fi ṣe dẹ́ńṣọ̀. Ó ṣe wẹ́kú, àmọ́ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tá a lè fi ṣòfò.

Mo kọ ìpele kẹta báyìí: "Ìparí oṣù kọkànlá, a ó wọn ẹran lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn a ó ṣe eyín iwájú." Ó dà bíi pé ó mọ́ kedere. Mo wá ní kí màmá pe ọmọ wọn l'Ékòó lórí fóònù, òun ló máa san púpọ̀ nínú owó náà, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ètò náà fún un, èmi ò ní dá sí i. Wọ́n sọ ìpele kìíní bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Wọ́n sọ ti ṣúgà. Nígbà tó kan ìpele kẹta, wọ́n ní "oṣù kọkànlá ni wọ́n ó ṣe eyín iwájú mi, eyín kan." Ọmọ bi wọ́n pé èyí tó ń mì yẹn ńkọ́? Màmá wo ojú mi.

Èmi ni mi ò kọ ọ́. Mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé orítà ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo sì fi hàn lórí bébà. Mo fa ìlà sí i, mo tún un kọ:

"Ìparí oṣù kọkànlá, a ó wọn ẹran yí eyín iwájú yín tó ń mì ká. Tí àpò ẹ̀ bá ti dín kù sí 4 tàbí kéré sí i, tí kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, tí mímì ẹ̀ sì ti dín kù, a ó fi í sílẹ̀, dẹ́ńṣọ̀ eléyín kan la ó ṣe. Tí kò bá dín kù, tó bá tún ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ó yọ ọ́, dẹ́ńṣọ̀ eléyín méjì la ó ṣe. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ máa ní eyín níwájú kí ìgbéyàwó tó dé. Oníke la ó ṣe, torí a lè fi eyín kún un tó bá di ọjọ́ iwájú."

Màmá ka èyí fún ọmọ wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ní "Okéè, ó yé mi báyìí. Ìyẹn ni pé fífọ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ló máa sọ." Mi ò rò pé mo lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí ǹ bá gbàgbé ká ní kò ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Tí ẹran tó wú bá jinná, ó máa ń sún kúrò, gbòǹgbò á hàn díẹ̀, eyín á dà bíi pé ó gùn, àlàfo kéékèèké á yọ láàárín wọn, omi tútù á máa ta èèyàn. Ẹni tí wọn ò sọ fún ṣáájú máa ní wọ́n ti ba eyín òun jẹ́, kò sì ní padà wá fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ti pàdánù aláìsàn méjì bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́n. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìpele kejì fún màmá pé wọ́n máa rí i, pé òtútù yẹn á máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ojú ló wú tàbí ẹnu ò ṣeé ṣí, kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn síkélìn àkọ́kọ́, màmá pè mí láti ìsọ̀ wọn. Wọ́n ní "Ó ti bẹ̀rẹ̀ o, omi ń ta mí bó o ṣe kọ ọ́," wọ́n kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Wọ́n wá fún ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́jọ́ tá a dá.

Gbòǹgbò jáde, ihò dí, rúùtù kánáàlì parí. Fún kíráùn, mo kọ ọ́ sí ìpele kẹta lẹ́yìn ìwọ̀n, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan tí mo kọ ní lẹ́tà ńlá: kí wọ́n má fi ẹ̀gbẹ́ òsì fọ́ obì tàbí orógbó títí a ó fi dé e, torí eyín tí wọ́n ti gbẹ́ inú ẹ̀ lè là dé gbòǹgbò, tó bá là bẹ́ẹ̀, yíyọ ló kù. Fún ẹni tó ń tọ́ obì wò lójoojúmọ́ kó tó tà á, ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n ní àwọn á máa fi ọ̀bẹ gé e.

Ìparí oṣù kọkànlá dé, a wọ̀n ọ́n. Àpò 7 yẹn ti di 5. Ibi yòókù yí eyín náà ká ti di 3 àti 4. Mímì ẹ̀ ti dín kù sí ipò kìíní, àmọ́ ojú kan tó jẹ́ 5 yẹn ṣì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kò bọ́ sí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo kọ, kò bọ́ sí èkejì. Mo sọ ọ́ fún màmá bẹ́ẹ̀, mo fi bébà han wọ́n, mo ní àárín la wà. A jọ pinnu pé ká fi eyín náà sílẹ̀, ká tún fọ ojú kan yẹn, ká ṣe dẹ́ńṣọ̀ oníke eléyín kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá la mú ìwọ̀n ẹnu wọn, ọ̀sẹ̀ kẹta ló jáde, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó.

Kíráùn wọ inú oṣù kìíní torí owó ìgbéyàwó. Nígbà tí wọ́n wá fún un, wọ́n mú bébà yẹn jáde, wọ́n ti lẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ káàdì ṣúgà wọn. Mo gba báírò, mo kọ ìlà tuntun sísàlẹ̀: "Oṣù kẹta, ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, eyín iwájú òkè lápá ọwọ́ ọ̀tún yín, ojú kan tó jẹ́ 5. Tó bá ṣì jẹ́ 5 tó ń ṣẹ̀jẹ̀, a ó tún un fọ̀. Tó bá ti di 6, a ó jọ sọ̀rọ̀ nípa yíyọ ọ́." Màmá kà á, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo nínú oṣù kẹta, torí ọjọ́ ọjà wọn ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí i.